Bí a ṣe ń ṣètò àríyànjiyàn nínú kíláàsì láìṣègbè

Àríyànjiyàn inú kíláàsì ni kí olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà fúnra wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí, kó pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ ní àkókò tó dọ́gba, kí a sì fún wọn ní àmì lórí bí wọ́n ṣe rò ó àti bí wọ́n ṣe dá ara wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rù ariwo. Ariwo kì í ṣe wàhálà ńlá. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan lè ti jàre kí ẹnikẹ́ni tó dìde sọ̀rọ̀: gbólóhùn tí wọ́n ń jà lé lórí ti gbè sẹ́yìn wọn, tàbí olùkọ́ ti jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, tàbí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn jù ló máa gba àmì gbogbo. Àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Nínú kíláàsì, a lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjèèjì ká ṣì ṣègbè, bí ètò bá ti wọ́ láti ìpìlẹ̀.

Ká lè rí i kedere, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́: ṣé èdè tí ọmọ ń sọ nílé ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, àbí Faransé? A ó fi kíláàsì ọmọ 48 ní ilé ìwé girama ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú wákàtí ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 55.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lára. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ lè rí ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, èyí tó ń sọ Fọ̀n, èyí tó ń sọ Ègùn tàbí Máhì, àti èyí tí òbí rẹ̀ ń bá sọ Faransé nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà wa ṣì rántí sínyàlì, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn ní ilé ìwé ayé àwọn Faransé nítorí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ṣètò àríyànjiyàn yìí láìfarabalẹ̀, ọmọ kan lè padà sílé pẹ̀lú èrò pé wọ́n dìbò lé èdè ìyá òun lórí, èdè náà sì fìdí rẹmi.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ ya ohun tí a lè jiyàn lé lórí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ò gbọ́dọ̀ jiyàn lé lórí. Ohun tí ìjọba yẹ kó ṣe, iye ọdún tó yẹ kó gbà, ibi tí owó máa ti wá: gbogbo ìyẹn ṣeé jiyàn. Iyì ẹ̀yà kan, tàbí bóyá èdè kan tó nǹkan, kò ṣeé jiyàn. Kò sí ọmọ tó yẹ kó dìde kó máa bẹ̀bẹ̀ pé èdè òun náà jẹ́ èdè.

Kíkọ gbólóhùn àríyànjiyàn

Gbólóhùn ni ìpìlẹ̀, ibẹ̀ ni èrú sì ti ń wọlé jù. Ẹ wo mẹ́ta yìí.

Èkíní: «Faransé ń pa èdè wa.» Gbólóhùn yìí ti dájọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó máa dà bí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn apànìyàn.

Èkejì: «Èdè abínibí ṣe pàtàkì.» Ta ló máa ní kò ṣe pàtàkì? Ẹgbẹ́ kejì ò ní ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹ̀kẹta: «Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ máa fi èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ń sọ kọ́ wọn, kí Faransé sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù.» Èyí dára. Ó sọ ẹni tó máa ṣe é, ibi tó ti máa ṣe é, ìgbà tó máa gbà, àti ohun tó máa yàtọ̀ sí ti òní. Ẹni tó gbà á ní iṣẹ́ láti ṣe, ẹni tó kọ̀ ọ́ náà ní ìdí gidi tó lè mú wá.

Ọ̀nà tí a fi ń dán gbólóhùn wò rọrùn. Kí olùkọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 10, kó kọ ìdí mẹ́ta tó lágbára fún ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni àti mẹ́ta fún ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́. Bí ó bá rí mẹ́ta fún ọ̀kan, tó wá ń wá ẹyọ kan péré fún èkejì, kó tún gbólóhùn náà kọ. Bí ó bá tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn rárá, tàbí pé ọkàn olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti lọ sápá kan jù. Bó bá jẹ́ ti ọkàn rẹ̀ ni, kó bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ pé kó bá òun kọ apá kejì.

Kèké ni kó pín ẹgbẹ́

Tí a bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó wù ú, àwọn tó gbọ́ Yorùbá máa kó ara wọn jọ sápá kan, àwọn yòókù á wà lápá kejì, ọ̀rọ̀ á wá di ti ẹ̀yà. Kèké ló dára. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí ìwé pélébé, ẹ ká a, ẹ dà á sínú abọ́, kí ọmọ kan máa fà á níwájú gbogbo kíláàsì. Mẹ́fà ni ó máa sọ̀rọ̀, mẹ́ta ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á ṣe alága, méjì á máa ṣọ́ àkókò, mẹ́ta á ṣe adájọ́ pẹ̀lú olùkọ́. Ó ku ọmọ 36 tó jẹ́ olùgbọ́, wọ́n sì ní iṣẹ́ tiwọn tó ní àmì.

Kí alága ka ọ̀rọ̀ yìí sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: «Kèké ló yan ẹgbẹ́ fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ kì í ṣe dandan kó jẹ́ èrò ọkàn wọn.» Ẹ má ṣe fò ó. Ìròyìn máa dé ilé. Bàbá kan lè gbọ́ pé ọmọ òun dúró níwájú kíláàsì tó ń ní kí wọ́n má fi Yorùbá kọ́ ọmọ, kó sì wá bá yín. Bí ẹ bá ti sọ fún àwọn òbí ṣáájú, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ṣàlàyé kèké náà, ọ̀rọ̀ á ti rọ̀.

Ọmọ kan ńkọ́, tí ẹgbẹ́ tí kèké gbé e sí bà á nínú jẹ́ gidi? Kí olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jẹ́ kó pààrọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́. Kó má béèrè ìdí rẹ̀ níwájú àwọn yòókù.

Ìwé ẹ̀rí kan náà fún ẹgbẹ́ méjèèjì

Bí a bá ní kí ọmọ lọ wá ẹ̀rí fúnra rẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ìwé nílé tàbí tó ní fóònù tó ń wọ ìkànnì ti borí. Kí olùkọ́ tẹ ojú ìwé kan tàbí méjì, kó fún gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ̀rí tó dára jù níbẹ̀ ni èyí tí apá méjèèjì lè lò. Fún ọ̀rọ̀ tiwa, mẹ́rin ti tó.

Àkọ́kọ́ ni òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990. Abala 1 sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Abala 11 sọ pé gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ á di abala 1 mú, ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni á di abala 11 mú. Olùgbọ́ tó bá ka méjèèjì á rí i pé kò sí èyí tó sọ ní tààrà pé èdè báyìí ni kí a fi kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Èkejì ni iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbogbo ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ròyìn pé àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni á yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ìwé tuntun fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì fún wọn ní olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa. Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ lè béèrè pé: ṣé èdè ló ṣiṣẹ́, àbí ìwé àti olùkọ́ yẹn?

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Yorùbá tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ètò ìkọ̀wé àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp fún ohùn kan náà. Ìwé tó wá láti Ìbàdàn máa ru ọmọ Kétu lójú díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni.

Ẹ̀kẹrin ni pé ìdánwò ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ á ní kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ Faransé. Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni á ní ọdún mẹ́ta ṣì kù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àkókò àti òfin ọ̀rọ̀ sísọ

Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 4. Ẹgbẹ́ kejì bi í léèrè fún ìṣẹ́jú 2. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ náà gba 4, wọ́n sì bi í fún 2. Ẹni kejì ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 3 láti dá ohun tí wọ́n ti gbọ́ lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ méjèèjì gbìmọ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Ẹni kẹta ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìṣẹ́jú 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 27. Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ gba 10, ìbò gba 5. Ìṣẹ́jú 13 ló ṣẹ́kù fún ìjíròrò ìparí, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun jẹ ẹ́.

Òfin mẹ́ta péré tó. Tí olùṣọ́ àkókò bá gbé ìwé pupa sókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó. Ẹni kẹta kò gbọ́dọ̀ mú ìdí tuntun wá: ẹgbẹ́ kan ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, bí ó bá mú ìdí tuntun jáde nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa lè dá a lóhùn. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ni à ń takò, a kì í tako ẹni tó sọ ọ́. «Ìdí tí ẹ mú wá kò dúró, nítorí pé...» dára. «Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá» kò dára, alága gbọ́dọ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Èdè wo ni wọ́n máa fi jiyàn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yí po. Bó bá jẹ́ wákàtí ẹ̀kọ́ Faransé ni, Faransé ni wọ́n máa fi sọ ọ́, a ó sì wá jiyàn lórí Yorùbá pẹ̀lú èdè tí ọmọ kan mọ̀ ju èkejì lọ. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbìmọ̀ ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kó sì jẹ́ kí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kan há sí lọ́nà ọ̀fun sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. A kì í yọ àmì nítorí ìyẹn.

Iṣẹ́ àwọn olùgbọ́

Olùgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ á máa sùn tàbí kó máa pariwo. Kí kálukú fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀. Lápá òsì ni kó kọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan mú wá, lápá ọ̀tún, níwájú ìdí náà gan-an, kó kọ ìdáhùn tí ẹgbẹ́ kejì fún un. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo, ìdí yẹn ò rí ìdáhùn nìyẹn. Ìwé yìí ló máa ń ṣẹ́ awuyewuye lẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ní «àwa la jàre» máa rí àlàfo tó wà lápá tirẹ̀.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, kí olùgbọ́ kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lórí ìdí tó lágbára jù láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fara mọ́. Nínú àmì 20, ẹ fún ojú ìwé náà ní 12, kí àwọn gbólóhùn ìsàlẹ̀ gba 8.

Fífún àwọn tó sọ̀rọ̀ ní àmì

Àmì 20 náà ni a pín báyìí: ìdí àti ẹ̀rí, 6, dídá ẹgbẹ́ kejì lóhùn, 6, títò ọ̀rọ̀ àti pípa àkókò mọ́, 4, ìwà, 2, ohùn tó já gaara, 2. Kò sí àmì kankan fún ẹgbẹ́ tó jàre, kò sí fún ohùn Faransé tó dà bíi ti ará Párì. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó láti ọjọ́ tí ẹ ti pín ìwé ẹ̀rí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀ni tí Faransé rẹ̀ ń dán. Ó mú ìdí méjì wá, ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹ̀rí. Wọ́n bi í nípa ìwé kíkọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìdí àti ẹ̀rí, 3, ìdáhùn, 1, títò ọ̀rọ̀, 4, ìwà, 2, ohùn, 2. Àpapọ̀ 12.

Ọmọkùnrin kan wà ní ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ tó ń kọ́lòlò, tó tún ń wá ọ̀rọ̀ Faransé kiri. Ó ní: «Ẹ sọ pé iṣẹ́ Ilé-Ifẹ̀ yọrí sí rere. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé tuntun. Àwa, ta ló máa tẹ ìwé tiwa, lẹ́tà wo ni wọ́n sì máa fi tẹ̀ ẹ́?» Ìdí àti ẹ̀rí, 5, ìdáhùn, 5, títò ọ̀rọ̀, 3, ìwà, 2, ohùn, 1. Àpapọ̀ 16. Olùkọ́ tó bá fi etí lásán fún àmì máa gbé ọmọbìnrin yẹn ga. Tábìlì àmì ló jẹ́ kó rí ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe.

Kí olùkọ́ àti àwọn adájọ́ mẹ́ta kọ àmì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ kí ìbò tó wáyé, kí pàtẹ́wọ́ má baà yí ọwọ́ wọn padà. Bí àmì olùkọ́ bá fi ju 3 yàtọ̀ sí tàwọn adájọ́, kí wọ́n padà sójú ìwé, kí kálukú fi ọwọ́ lé gbólóhùn tó gbọ́. Àmì olùkọ́ ló máa dúró níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀.

Ìbò, àti ìṣẹ́jú 13 tó kẹ́yìn

Ìbò lẹ́ẹ̀mejì ni: ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n parí, nínú ìwé tí a ká, láìsí orúkọ. Ká ní ṣáájú, 30 gbà, 12 kọ̀, 6 ò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà, 27 gbà, 17 kọ̀, 4 ò tíì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ni ṣì pọ̀ jù, àmọ́ Bẹ́ẹ̀kọ́ ló fa èèyàn 5 wá. Nọ́ńbà yìí kì í wọ inú àmì. Ohun tó wúlò fún ni ìbéèrè tó tẹ̀lé e: ìdí wo ló yí yín lọ́kàn padà?

Kí ìjíròrò ìparí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «bíbọ́ aṣọ ẹgbẹ́». Àwọn mẹ́fà tó sọ̀rọ̀ kúrò níwájú, wọ́n jókòó sí àyè wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ gan-an, ẹni tí kò bá fẹ́ lè dákẹ́. Olùkọ́ pàápàá ò gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ títí di ìgbà yìí. Bí wọ́n bá bi í, ó lè dáhùn, pẹ̀lú ìdí kan láti apá kejì tí òun kò tíì rí ìdáhùn sí.

Ohun tí ètò yìí kò lè ṣe

Ọmọ mẹ́fà péré ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì ọmọ 48 máa nílò àríyànjiyàn 8 kí gbogbo wọn tó dìde. Bí ọdún kò bá gbà á, ẹ pín kíláàsì sí méjì, ọmọ 24 nínú yàrá, 24 lábẹ́ igi pẹ̀lú olùkọ́ kejì, wọ́n á fi 4 parí. Ẹ má fún ọmọ kan ní àmì ọ̀rọ̀ sísọ ní sáà yìí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá ní láǹfààní rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Lẹ́yìn àríyànjiyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ kó àwọn àmì jọ, ẹ wò ó. Ṣé ẹgbẹ́ tí ọkàn yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló máa ń gba àmì tó ga ní gbogbo ìgbà? Ṣé àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé nílé nìkan ló ń kọjá 15? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìwé àwọn olùgbọ́, ẹ kà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì yín. Ibi tí ìwé ọmọ 20 bá ti fi hàn pé ọmọ kan dáhùn, tí ẹ̀yin sì fún un ní 1 nínú 6, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.